“Kò Lù Mí Rí”: Ohun Tí Mo Ti Rí Kọ́ Lára Àwọn Tó Fi Ilé Ìnilára Sílẹ̀

Gbólóhùn tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin tó bá wá bá wa ní Èkó ni pé, “Kò lù mí rí o.” Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì pé òun wá gba àkókò wa. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á wá máa jáde díẹ̀díẹ̀: pé òun kì í gbé fóònù sílẹ̀ kí bàbá àwọn ọmọ má gbé e wò, pé ó ti tó ọdún méjì tí òun ti fojú kan ìyá òun, pé owó oṣù òun kì í dé ọwọ́ òun. Ọdún tí mo ti fi ń jókòó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí ti kọ́ mi pé “ṣé ó máa ń lù yín?” kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Èyí tí mo ń béèrè báyìí ni pé, “Ìgbà wo lẹ sọ pé rárá fún un kẹ́yìn, kí ló sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀?”

Ìdáhùn yẹn ló máa ń pààlà sáàárín ìjà tọkọtaya àti ìnilára. Nílé tí wọ́n ti ń jà lásán, ìyàwó lè sọ pé òun ò ní lè bá wọn lọ síbi ìnáwó kan, ọkọ á bínú, wọ́n á pariwo, ó pẹ́ ó yá wọ́n á tún jọ jẹun. Nílé ìnilára, “rárá” ní ìtanràn. Ó lè jẹ́ pé ọkọ kò ní dá a lóhùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó lè jẹ́ pé owó oúnjẹ á dáwọ́ dúró. Ó lè jẹ́ pé á pe ìyá ìyàwó lórí fóònù lójú àwọn ọmọ, á ní kí wọ́n wá kó ọmọ wọn, orí rẹ̀ ti ń dàrú. Bí ìtanràn yìí bá ti wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, kò ní láti tún un ṣe mọ́. Obìnrin náà á ti máa fún ara rẹ̀ lófin, á ti máa ṣírò ohun tó fẹ́ sọ kó tó yanu, á ti máa dín ara rẹ̀ kù kí ilé lè tòrò. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará àdúgbò fi lè búra pé àwọn kò gbọ́ ariwo kankan nílé náà.

Àmì kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tí kò mọ ara wọn rárá. Aago méje alẹ́, àwọn ọmọ ń wo tẹlifíṣàn, ìyá wọn ń ro àmàlà. Họ́ọ̀nù dún ní géètì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ àgbà pa tẹlifíṣàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, àbúrò rẹ̀ sáré kó bàtà kúrò lójú ọ̀nà, ìyá wọn nu ọwọ́, ó gbé fóònù, ó wò ó bóyá ìpè kan wà níbẹ̀ tí yóò fa ìbéèrè. Ẹnikẹ́ni kò tíì bínú. Ọkọ kò tíì wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ilé kan ṣe rí, ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe láàárín ìgbà tí họ́ọ̀nù dún àti ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ kì í purọ́ níbẹ̀.

Àmì tó kù máa ń yí ká nǹkan mẹ́ta: èrò orí, owó, àti ènìyàn. Ti èrò orí ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú yín, á ní kò ṣẹlẹ̀. “Èmi sọ bẹ́ẹ̀? Ìgbà wo? Ìwọ náà mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọ́.” Ó máa ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nígbà mìíràn tàánútàánú, títí obìnrin náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé òun ń gbàgbé nǹkan lóòótọ́. Ti owó kì í ṣe pé ọkọ jẹ́ ahun. Ahun máa ń há sí ara rẹ̀ náà. Ti ìnilára ni pé owó tí ìyàwó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún wà lọ́wọ́ ọkọ, káàdì ATM rẹ̀ wà nínú àpò ọkọ, kó sì tó gba owó ata, á kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ti àná. Ti ènìyàn ló máa ń pẹ́ jù kó tó hàn, nítorí kò ní sọ pé “má lọ sílé yín mọ́.” Ṣe ni á máa dá ìjà sílẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá ti ibẹ̀ bọ̀, títí tí ìbẹ̀wò yẹn fi máa sú ẹ̀yin fúnra yín. Ọkùnrin yìí kan náà lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá ìyàwó níbi ìkómọ, kó sì fún gbogbo àwọn ìyá ìjọ lówó ọkọ̀. Ẹ má retí pé ẹbí yóò tètè gbà yín gbọ́, ọkọ mìíràn ni wọ́n mọ̀.

Mo mọ̀ pé obìnrin náà máa ń ni ọkọ lára. Mo ti gbọ́ ti ọkùnrin tí ìyàwó gba fóònù rẹ̀, tó sì ń fi ọmọ dẹ́rù bà á, òfin Èkó kò sì yọ ọkùnrin sílẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà bí ọkọ ṣe ń ṣe é sí ìyàwó ni màá fi ṣàpèjúwe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin kí n tó lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé láìsí ojú wíwú kò sí ẹjọ́. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2007 láti dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé ka ọ̀rọ̀ àti ìwà tó ń bọkàn jẹ́ mọ́ ìwà ipá, ó ka fífi owó nini lára mọ́ ọn, ó ka dídẹ́rù bani àti ṣíṣọ́ni kiri mọ́ ọn. Èkìtì ní tirẹ̀ láti ọdún 2011. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 tí wọ́n ń pè ní VAPP, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, fi ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún kan lọ tàbí owó ìtanràn tí kò ju ₦200,000 lọ sí ìfìyàjẹni nípa ọ̀rọ̀ àti ìwà, ó sì fi ìjìyà ọ̀tọ̀ sí yíya ènìyàn nípá kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́. Ní Èkó, ohun tó wúlò jù nínú òfin náà fún ẹni tó fẹ́ jáde ni àṣẹ ìdáàbòbò tí kóòtù lè fún un, tí yóò ká ọkọ lọ́wọ́ kò láti sún mọ́ ọn tàbí láti dẹ́rù bà á. Ìwé ìbúra lẹ fi ń béèrè fún un, kóòtù sì lè fún yín ní ti ìgbà díẹ̀ kó tó pe ọkọ wá rojọ́.

Ṣùgbọ́n àṣẹ kóòtù kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ ètò. Bí mo bá ní ohun kan ṣoṣo tí mo lè sọ, òun ni pé ìgbà tó léwu jù kì í ṣe ìgbà tí ẹ ń gbébẹ̀, ìgbà tí ó bá mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ lọ ni. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá darí ènìyàn láìgbé ọwọ́ sókè lè gbé e sókè lọ́jọ́ yẹn. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi lílọ halẹ̀ nígbà ìjà. Ẹ má sọ pé “màá kó jáde o.” Gbogbo ètò tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló gbé e ró, bí nǹkan sì ṣe tẹ̀léra nínú rẹ̀ ṣe pàtàkì: fóònù kọ́kọ́, owó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìwé, ibi tí ẹ ń lọ, ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìwé ni ọkọ máa ń bá níbi tó ti ń tú dúrọ́ọ̀.

Màá fi ìyá ọlọ́mọ méjì kan ṣàpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, mo kó ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ di ọ̀kan. Olùkọ́ ni nílé ìwé aládàáni kan lápá Ìkọ̀tún, ọmọ rẹ̀ àgbà jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án, èyí àbúrò ọdún márùn-ún. Káàdì ATM tí wọ́n ń san owó oṣù rẹ̀ sí wà lọ́wọ́ ọkọ. Ọkọ ló ra fóònù fún un, ọkọ ló ṣí ímeèlì sí i, ọkọ ló sì fi NIN ara rẹ̀ forúkọ síìmù sílẹ̀.

Fóònù yẹn ni olùṣọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó lọ wò ó ní yàrá olùkọ́, ó ṣí Wásáàpù, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ Linked devices sí, ó rí kọ̀ǹpútà kan tí kò mọ̀. Ó lọ sí Settings, ó tẹ Google, ó wá ibi tí wọ́n kọ Your devices sí, ó rí fóònù ọkọ níbẹ̀. Ìyẹn ni pé gbogbo ohun tó ń kọ sí àbúrò rẹ̀, ọkọ ń kà á. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe: wọ́n á yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Láàárín wákàtí kan ọkọ á ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ohun tó dára ni kí ẹ fi fóònù náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ máa lò ó fún ọ̀rọ̀ ata àti iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ẹ wá wá fóònù mìíràn. Ìyá yìí ra fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, ó fi NIN ara rẹ̀ forúkọ síìmù tuntun sílẹ̀, ó sì fi méjèèjì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá aláṣọ kan tó wà níwájú ilé ìwé. Kò gbé e wọlé rí. Láti orí rẹ̀ ló ti pe 08000333333, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ ti àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní DSVA. Bí ẹ bá ti lo fóònù ilé pe irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ ìpè lè tú yín fó.

Owó ló gba àkókò jù, oṣù márùn-ún gbáko. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ọkọ ń fún un lówó oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti máa yọ díẹ̀ lára owó ẹran, ọkọ sì ṣàkíyèsí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ pé ẹran ti kéré. Ibi tí ojú rẹ̀ kì í dé ló yẹ kó ti yọ ọ́: ọṣẹ ìfọṣọ, epo ìpara, owó ọkọ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn dípò rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń rí ₦3,000 lọ́sẹ̀. Ó tún ń kọ́ ọmọ mẹ́rin ní lẹ́sìnnì lẹ́yìn ilé ìwé, ₦5,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ọmọ méjì ló sọ fún ọkọ, owó ọmọ méjì tó kù di tirẹ̀. Lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀, ₦60,000 ti ọjà àti ₦50,000 ti lẹ́sìnnì di ₦110,000. Kò tó gba ilé ní Èkó rárá. Ṣùgbọ́n ó tó fún owó ọkọ̀, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oògùn tí ọmọ kékeré ń lò, àti owó ìwé ìbúra, nítorí kò gbèrò láti gba ilé lọ́jọ́ tó máa jáde.

Ọwọ́ alájọ tó ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá aláṣọ ni owó yẹn kọ́kọ́ ń lọ, káàdì àjọ náà sì ń gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n alájọ lè sá lọ, ó lè bá ọkọ pàdé, nítorí náà ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ló ń kó o, tó sì ń fi owó lọ́wọ́ san án sí àkáǹtì tuntun ní báńkì tí ọkọ kì í lò. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ àkáǹtì yìí dáadáa. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ béèrè ní báńkì nọ́ńbà fóònù tó wà lórí BVN yín. Bó bá jẹ́ ti ọkọ, ẹ yí i padà sí síìmù tuntun kọ́kọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kóòdù tí báńkì ń fi ránṣẹ́ lè balẹ̀ sórí fóònù rẹ̀. Ẹ má sì fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì àtijọ́ sí tuntun, ì báà ṣe ₦500, nítorí orúkọ báńkì tuntun á hàn nínú àlẹ́ẹ̀tì. Owó lọ́wọ́ ni kó wọ ibẹ̀.

Ìwé tẹ̀ lé e. Èyí tí kò ṣeé fi sílẹ̀ ni ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ìwé ìgbéyàwó, páásípọ́ọ̀tù gbogbo yín, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ yín, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti rìsíìtì ohun tí ẹ fi owó yín rà. Bí wọ́n bá wà nínú àpótí tí ọkọ ń tì, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ ya àwòrán wọn lọ́jọ́ tó bá ṣí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan, kí ẹ sì pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù ilé. Ilé iṣẹ́ tó fún yín níwèé ìgbéyàwó lè fún yín ní ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí, èyí tó bá sọnù sì ṣeé bá wọn ṣe pẹ̀lú ìwé ìbúra. Ìyá yìí kó ìwé tirẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nínú ìwé ìkọ́ni tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Aṣọ náà bẹ́ẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Báàgì tí ẹ dì pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa ń rí, ti ṣọ́ọ̀bù ni kì í hàn.

Láàárín gbogbo èyí, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ọjọ́, aago, ọ̀rọ̀ gan-an tí ọkọ sọ, ẹni tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe “ó bú mi”. Ohun tó sọ gẹ́lẹ́ ni, pẹ̀lú àmì ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwé yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì. Kóòtù nílò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ náà sì nílò rẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n ti sọ fún lójoojúmọ́ pé ó ń gbàgbé nǹkan máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìjáde. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìhàlẹ̀, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí nọ́ńbà àti ọjọ́ hàn, ṣùgbọ́n ẹ pa fóònù tó wọlé sí mọ́ pẹ̀lú, nítorí apá 84 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 béèrè ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti wá, agbẹjọ́rò yín ni yóò ṣètò rẹ̀. Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ wà: ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, FIDA, ní ẹ̀ka ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò fún àwọn tí kò lówó.

Nígbà tí ẹ bá ń ronú ibi tí ẹ ń lọ, ilé ìyá yín ni ọkọ á kọ́kọ́ wá. Ilé ẹ̀gbọ́n yín ló tẹ̀ lé e. Bí ibẹ̀ nìkan lẹ ní, ẹ lọ, ṣùgbọ́n kí àwọn tó wà nílé mọ ohun tí wọ́n máa sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ilé ààbò wà tí àdírẹ́sì wọn kì í hàn fáyé, àjọ DSVA ló sì lè so yín pọ̀ mọ́ wọn. Ẹ béèrè kí ọjọ́ tó pé: ṣé wọ́n ń gba ọmọkùnrin tó ti dàgbà díẹ̀? Ọjọ́ mélòó lẹ lè lò? Ṣé ẹ lè máa lọ síbi iṣẹ́ láti ibẹ̀? Mo ti rí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá tí wọn kò lè gbà, tó sì padà sílé ọkọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ènìyàn méjì péré ló yẹ kó mọ ètò yín. Ìyá yìí sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin àti ọ̀gá ilé ìwé. Kò sọ fún àwọn ọmọ. Ọmọ ọdún márùn-ún kò lè pa àṣírí mọ́, kò sì yẹ ká gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ lé e lórí. Kò sọ fún pásítọ̀ náà, èyí sì máa ń dun àwọn ènìyàn bí mo bá sọ ọ́. Pásítọ̀ tàbí ààfáà lè jẹ́ ènìyàn rere, síbẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ni kí wọ́n pe ọkọ àti ìyàwó jókòó kí wọ́n parí ìjà. Níbi ìjókòó yẹn, ohun gbogbo tí ìyàwó bá sọ, ọkọ á mú un dé ilé. “Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́” wúlò fún ọmọge tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé pẹ̀lú àna. Mi ò gbà pé wọ́n pa òwe náà fún ẹni tí wọ́n ń fi ebi kọ́ lọ́gbọ́n.

Ọjọ́ ìjáde rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àárín ọ̀sẹ̀ ló dára, nítorí kóòtù, báńkì àti àjọ ṣí, ọjọ́ mélòó kan sì wà níwájú kí gbogbo wọn tó tì. Ẹni tó jáde ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì máa lo ọjọ́ méjì kó tó rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní kóòtù. Ọkọ lọ síbi iṣẹ́. Ìyá múra àwọn ọmọ bí ó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́, ó fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí sítóòfù, kò kó ohunkóhun nílé. Aago mọ́kànlá, ọ̀gá ilé ìwé jẹ́ kó mú àwọn ọmọ, ó gba báàgì ní ṣọ́ọ̀bù, ó wọ kẹ̀kẹ́ dé ojú títì, ó wọ ọkọ̀ èrò. Kò fi fóònù pe ọkọ̀, nítorí ọkọ lè rí ibi tó gbé e sí nínú àkáǹtì náà. Fóònù ilé wà ní pípa láti kíláàsì. Ìgbà tó dé ibi ààbò ló tó yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà lórí fóònù mìíràn, tó yọ gbogbo ẹ̀rọ ọkọ kúrò, tó sì pa ibi tí Google Maps ti ń fi ibi tó wà hàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo lọ sí ọkọ: “Àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà. Agbẹjọ́rò mi yóò bá yín sọ̀rọ̀.” Kò bú u, kò ṣàlàyé. Ó sì ti kọ́kọ́ fi tó àjọ àti àgọ́ ọlọ́pàá létí pé òun fẹsẹ̀ ara òun kúrò pẹ̀lú àwọn ọmọ, nítorí ẹ̀sùn tí ọ̀pọ̀ ọkọ ń sáré lọ fi kàn ni pé wọ́n jí ọmọ òun gbé. Bí ọlọ́pàá tó wà lórí káńtà bá sọ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ẹ lọ parí rẹ̀ nílé, ẹ béèrè fún ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí, kí òṣìṣẹ́ àjọ bá yín lọ bó bá ṣeé ṣe. Ní ti pé “bàbá ló ni ọmọ”, kóòtù kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe ọmọ láǹfààní ni òfin ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti ọdún 1970 fi ṣáájú, ìyá kò sì pàdánù ọmọ nítorí pé ó kúrò nílé.

Ètò oṣù márùn-ún yìí kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Bí ó bá ti fún yín lọ́rùn rí, ì báà ṣe lẹ́ẹ̀kan, ì báà má fi àpá sílẹ̀, tàbí tó ń fi ọ̀bẹ tàbí ìbọn hàn yín, tàbí tó ń sọ pé òun á pa yín, òun á sì pa ara òun, ẹ má dúró de owó tàbí ìwé. Ẹ kó àwọn ọmọ, ẹ jáde lọ́jọ́ tí àyè bá kọ́kọ́ yọ, kí ẹ pe 112. Ìwé ṣeé tún gbà. Bó bá jẹ́ pípa ara rẹ̀ nìkan ló ń halẹ̀ mọ́ yín, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kí wọ́n lọ dúró tì í. Ẹ̀yin kọ́ ló máa padà lọ ṣọ́ ọ.

Àwọn tiwa tó wà ní Bìrìtéènì máa ń béèrè nípa ìwé ìgbélùú tó so mọ́ ti ọkọ. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wéèlì, òfin ọdún 2015 ti sọ irú ìdarí yìí di ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún márùn-ún, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí ẹ lè pè sì ni 0808 2000 247. Àyè oṣù mẹ́ta wà tí ìjọba lè fún ẹni tí ìwé rẹ̀ so mọ́ ti ẹni tó ń ni ín lára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fún yín ní èyí, ìwé ti tẹ́lẹ̀ lọ nìyẹn, nítorí náà ẹ rí agbẹjọ́rò tó mọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú kí ẹ tó béèrè.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló máa ń le jù lẹ́yìn ìjáde. Ẹ̀bẹ̀ á dé, omijé á dé, ìyá ọkọ á pè, àwọn àgbà ìjọ á pè. Ẹni tó bá fi ìbínú halẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lè fi àkàrà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tó máa ń mú ènìyàn jù ni pé, “Wá kó ẹrù rẹ tó kù, mi ò ní bá ọ jà.” Ẹ má dá lọ. Bí ẹrù náà bá ṣe pàtàkì, kí ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ àjọ bá yín lọ, kí ẹ sì kọ àkójọ ohun tí ẹ fẹ́ kó sílẹ̀ kí ẹ má bàa pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má fi àwòrán sí ojú ìwé Wásáàpù tó fi fèrèsé tàbí òpópónà hàn. Ẹ má fi káàdì àtijọ́ gba owó nítòsí ibi tí ẹ ń gbé, àlẹ́ẹ̀tì á sọ ẹ̀rọ tí ẹ ti gbà á.

Ìyá inú àpẹẹrẹ mi padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínlógún, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo mọ̀ ṣe máa ń padà. Àbúrò rẹ̀ bínú débi pé kò fẹ́ gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e, kó má béèrè ìdí, kó kàn máa béèrè bí àwọn ọmọ ṣe wà. Kò ti àkáǹtì tuntun pa. Kò yọ síìmù kúrò nínú fóònù onítọ́ọ̀ṣì. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà tó tún sọ pé rárá tí ìtanràn sì dé, báàgì ṣì wà lẹ́yìn ìtì aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá aláṣọ, aṣọ ọmọ kékeré nìkan ló ti kéré.